Ooru inú yàrá lálẹ́: ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ògiri

*"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Yàrá kan ni mo háyà. Ó gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, apá ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí, ilẹ̀kùn sì wà ní igun ọ̀tún ògiri tó dojú kọ ọ́, tó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Abẹ́ fèrèsé ni mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí kí n lè rí atẹ́gùn. Wọ́dúróòbù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kọ́tìnì dúdú ni mo ta nítorí oòrùn. Ọ̀sán kì í burú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ láti agogo 8 alẹ́ títí di ọ̀gànjọ́, òógùn ni mo fi ń wẹ̀. Ooru ni fáànù ń fẹ́ sí mi. Mo gbé abọ́ omi síwájú fáànù, mo ta aṣọ tútù sí fèrèsé, ńṣe ló tún burú sí i. Agbára mi ò ká ẹ̀rọ amúlétutù. Kí ni kí n ṣe?"*

Oòrùn ọ̀sán ló ń bá yín jà lálẹ́. Láti nǹkan bí agogo 2 ọ̀sán ni oòrùn ti ń bọ̀ nílẹ̀, tó sì ń kọjú sí ògiri fèrèsé yín gbọnrangandan. Ògiri búlọ́ọ̀kù tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 23 kì í jẹ́ kí ooru gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó lè gbà á ní wákàtí 5 sí 7 kí ooru tó wọ̀ ọ́ láti ìta tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ ti inú. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: ooru tó wọlé láago 3 ọ̀sán yóò yọ sí yín láàárín agogo 8 sí 10 alẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sán yín fi fara rọ, tí alẹ́ yín sì burú.

Kí ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ẹ fi ọwọ́ yín dán an wò. Láago 9 alẹ́, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ògiri fèrèsé, kí ẹ wá gbé e lé ògiri tó pààlà yàrá yín àti yàrá kejì. Bí ti àkọ́kọ́ bá gbóná ju ìkejì lọ tí ẹ sì mọ̀ ọ́n lára kedere, ibẹ̀ ni ọ̀tá wà. Kí ẹ tún gun àga, kí ẹ fọwọ́ kan àjà. Bí àjà bá gbóná ju ògiri lọ, a jẹ́ pé orí òrùlé ni ooru yín ti ń wá. Màá dé orí ìyẹn níwájú.

Ooru ara ògiri kì í dúró kí atẹ́gùn gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Ó ń ti ibẹ̀ wá sára yín tààrà, bí ooru ṣe ń bá ẹni tó jókòó níwájú iná láìfọwọ́ kan iná. Ẹ̀yin sì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́ ọn, orí yín gan-an lẹ fi tì í. Fáànù kò lè fẹ́ irú ooru bẹ́ẹ̀ dànù. Mo mọ̀ pé nítorí atẹ́gùn lẹ ṣe tẹ́ ẹ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí i, torí pé ìdí rere ni wọ́n fi fi ara wọn sínú ìyà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ omi kúrò nílẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ, omi tó ń gbẹ lára aṣọ tútù máa ń fa ooru kúrò nínú afẹ́fẹ́, yàrá á sì tutù. Àmọ́ níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀, afẹ́fẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé omi tó èyí tó lè gbé tán. Omi inú abọ́ yín ò ní gbẹ tó láti mú nǹkan kan tutù, ìwọ̀nba tó bá sì gbẹ yóò fi kún ọ̀rinrin inú yàrá. Òógùn ara yín ni yóò jìyà rẹ̀, torí òógùn kì í tu ara lára àfi bó bá gbẹ. Ẹ kó abọ́ àti aṣọ tútù jáde. Aṣọ tí ẹ fọ̀, ẹ má ṣe sá a sínú yàrá náà mọ́.

Ohun tó kù fún wa láti lò ni atẹ́gùn tó ń rìn. Fáànù kì í mú afẹ́fẹ́ tutù rárá. Kódà, mọ́tò inú rẹ̀ ń fi ooru díẹ̀ kún ti yàrá, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa pa á bí ẹ bá jáde. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń gbá ọ̀rinrin tó rọ̀ mọ́ ara yín lọ kí òógùn lè gbẹ. Atẹ́gùn tó ń lọ ní ìwọ̀n mítà 1 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó tó láti mi bébà lórí tábìlì, lè mú kí ara rò pé yàrá ti fi bí ìwọ̀n 2 sí 3 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì rẹ̀lẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Àmọ́ ara ẹni ni atẹ́gùn náà ti gbọ́dọ̀ kọjá. Èyí tó bá gba orí wọ́dúróòbù kọjá kò wúlò fún ẹni tó sùn.

Atẹ́gùn kì í wọ yàrá tí kò bá ti rí ọ̀nà jáde. Lọ́dọ̀ yín, fèrèsé àti ilẹ̀kùn ni ọ̀nà méjèèjì, wọ́dúróòbù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sì ti dínà kan. Bí ilẹ̀kùn kò bá lè ṣí dé ìdí, bí ẹni di ìdajì ọ̀nà náà ni. Ẹ fa ìlà kan lọ́kàn yín láti àárín fèrèsé lọ sí ẹnu ọ̀nà. Orí ìlà yẹn ni atẹ́gùn yóò máa rìn, ì báà gba fèrèsé wọlé, ì báà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé. Abẹ́ rẹ̀ ni kí bẹ́ẹ̀dì wà.

Bí mo ṣe máa to yàrá yín rèé. Ẹ dúró sí ìdí fèrèsé, kí ẹ kọjú sí ilẹ̀kùn. Ògiri tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún yín, tí oòrùn kì í bá, ni kí ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́ ní gígùn. Ẹ jẹ́ kí mítà 1 gbáko wà láàárín ìdí bẹ́ẹ̀dì àti ògiri fèrèsé. Bẹ́ẹ̀dì tó gùn ní mítà 1.9 yóò ṣì fi bíi mítà 1 sílẹ̀ kí ó tó kan ògiri ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á sì ráàyè ṣí. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ na sí apá fèrèsé, kí orí wà lápá ilẹ̀kùn. Ooru ògiri máa ń dín kù bí èèyàn bá ṣe jìnnà sí i tó, ẹsẹ̀ sì lè fara dà á ju orí àti àyà lọ.

Wọ́dúróòbù ni kó gba ipò bẹ́ẹ̀dì lára ògiri gbígbóná, ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì. Bí fèrèsé yín bá fẹ̀ tó mítà 1.2 tó sì wà láàárín ògiri, mítà 0.9 ni yóò kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ gba wọ́dúróòbù tí kò fẹ̀ jù, tí kò ní bọ́ sójú fèrèsé. Yóò wá di ìdènà láàárín yín àti ooru apá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tì í mọ́ ògiri o! Ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi búlọ́ọ̀kù kéékèèké tàbí igi gbé e kúrò nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ á gba abẹ́ wọlé, á gbóná lẹ́yìn rẹ̀, á sì gba òkè jáde. Ẹ má di ẹrù sórí rẹ̀ kan àjà. Ibi tí mo ti rí i tí wọ́n tì í mọ́ ògiri pátápátá, kò pẹ́ tí ẹ̀yìn wọ́dúróòbù fi bu tí aṣọ inú rẹ̀ sì ń rùn, torí ọ̀rinrin ò rí ọ̀nà jáde. Àmì tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni àwọn tóótòòtó dúdú ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi kún àyè náà.

Ẹ yọ ẹrù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kúrò. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ to ìdí rẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo, ń jẹ́ kí ìsàlẹ̀ fómù gbẹ. Bí ọ̀rá tó bo fómù nígbà tí ẹ rà á bá ṣì wà lára rẹ̀, ẹ bó o lálẹ́ òní, torí pé ọ̀rá kì í jẹ́ kí òógùn ẹ̀yìn yín ríbi lọ.

Kí ẹ tó gbé fáànù sí ibì kankan, ẹ wádìí ibi tí atẹ́gùn ń lọ. Ẹ ya tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ so ó mọ́ òwú, kí ẹ sì fi kọ́ àárín fèrèsé pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ẹ wò ó láago 7 alẹ́ àti láago 10. Bó bá ń fẹ́ wá sínú yàrá, fèrèsé ni ẹnu ọ̀nà atẹ́gùn yín. Ẹ gbé fáànù sí apá fèrèsé, kó kẹ́yìn sí i, kó máa fẹ́ gba orí bẹ́ẹ̀dì lọ sí ilẹ̀kùn. Bó bá ń fẹ́ jáde, atẹ́gùn ń ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé ni, kí fáànù wà lápá ilẹ̀kùn nígbà náà, kó sì kọjú sí fèrèsé. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí fáànù máa bá atẹ́gùn jà, torí afẹ́fẹ́ kan náà ni yóò máa yí po nínú yàrá. Bí tíṣù ò bá mira rárá, ẹ ó fi fáànù ṣe ọ̀nà náà fúnra yín. Ẹ dúró di ìgbà tí ìta bá tutù ju inú lọ, tí ẹ ó mọ̀ bí ẹ bá jáde sí gbangba fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nígbà náà, ẹ gbé fáànù sí nǹkan bí ìdajì mítà sí fèrèsé, kó kọjú síta, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Yóò ti afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sì wọlé dípò rẹ̀. Lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ yí i padà sí bẹ́ẹ̀dì.

Mo mọ̀ pé ẹ lè má lè sùn pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Tí onílé bá gbà, kí káfíńtà gé ojú ihò sí òkè ilẹ̀kùn, kó fi irin àti nẹ́ẹ̀tì sí i. Bó bá fẹ̀ tó ilẹ̀kùn tó sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 40, yóò wúlò gan-an, ẹ ó sì lè ti ilẹ̀kùn yín pa. Tí kò bá gbà, ẹ ṣí fèrèsé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Yàrá tó ní fèrèsé kan láìsí ọ̀nà mìíràn ń mí díẹ̀ bí fèrèsé náà bá ga: afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba òkè jáde, tútù ń gba ìsàlẹ̀ wọlé. Fèrèsé tó ń sún lọ sún bọ̀ kì í sábà ṣí ju ìdajì lọ, èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn sì ń ṣí tán. Ẹ fọ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Nẹ́ẹ̀tì mímọ́ pàápàá ń gba púpọ̀ lára atẹ́gùn, èyí tí eruku ti dí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí aṣọ.

Ní ti kọ́tìnì dúdú, ó ń dá ìmọ́lẹ̀ dúró lóòótọ́, àmọ́ kò dá ooru dúró. Oòrùn ti gba gíláàsì wọlé kó tó kan kọ́tìnì. Àwọ̀ dúdú á gbé e mì, kọ́tìnì á gbóná, á sì máa mú afẹ́fẹ́ yàrá gbóná, ooru yẹn ò sì ní rọrùn láti padà gba gíláàsì jáde. Bí ẹ bá fọwọ́ kan kọ́tìnì náà láago 4, ẹ ó gbà pé ooru wà níbẹ̀. Kọ́tìnì tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun yóò dá díẹ̀ lára oòrùn padà síta kó tó di ooru. Èyí tó dára jù lọ ni pé kí oòrùn má tilẹ̀ kan gíláàsì. Ẹ ta ẹní tàbí aṣọ funfun tó nípọn sí ìta fèrèsé láti agogo 1 títí oòrùn á fi wọ̀, kí ó fi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30 jìnnà sí ògiri, kí ooru tó bá mú un lè bá atẹ́gùn ìta lọ. Ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń gba abẹ́ etí òrùlé wọlé, òrùlé tó yọ síta nìkan ò lè dá a dúró. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ ká a sókè, kí ẹ sì so kọ́tìnì inú mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Aṣọ tó dá oòrùn dúró lọ́sàn-án ló ń dá atẹ́gùn dúró lóru.

Ó wá ku àwọ̀ ara ògiri, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ná owó síbi tí kò yẹ. Ọ̀dà funfun nínú yàrá ń jẹ́ kí yàrá mọ́lẹ̀, kò sì ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ooru tó ń gba ògiri wọlé. Ìta ni kí ẹ ti kun funfun. Ọ̀dà funfun tuntun ń dá èyí tó pọ̀ jù lọ lára oòrùn padà, ó lè tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, nígbà tí àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn tàbí sìmẹ́ǹtì tí a ò kùn ń gbé èyí tó pọ̀ jù mì. Ẹ ò nílò kí onílé kun gbogbo ilé. Ògiri yín yẹn, bó bá ga ní mítà 2.7 tó sì fẹ̀ ní mítà 3, bíi mítà 8 níbùú lóròó ni, kí a tó yọ fèrèsé. Lítà ọ̀dà kan máa ń kun nǹkan bí mítà 8 sí 10 níbùú lóròó lẹ́ẹ̀kan bí ojú ògiri bá dán, tí kò bá dán, ó máa ń dín sí i. Agolo lítà 4 yóò tó yín kùn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo ohun tútù aláwọ̀ ewé tó hù sí i, kí ó gbẹ pátápátá, kí ẹ tó kùn ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀dà á bó. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ṣe fún ìta, tó lè kojú ọ̀rinrin. Kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún, torí ògiri funfun tó ti dọ̀tí ti di ògiri dúdú lójú oòrùn.

Tí àyẹ̀wò ọwọ́ yín bá fi hàn pé àjà ló gbóná jù, títo ẹrù kò ní tó. Òrùlé páànù ni kí ẹ bá onílé sọ. Ọ̀dà funfun lórí páànù ń ṣiṣẹ́ ju dídán páànù tuntun lọ: páànù tó ń dán ń dá oòrùn padà, àmọ́ kì í tètè tú ooru tó bá ti gbà sílẹ̀, ọ̀dà funfun sì ń ṣe méjèèjì. Ihò afẹ́fẹ́ lábẹ́ etí òrùlé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí a fi nẹ́ẹ̀tì dí, yóò jẹ́ kí ooru tó há sókè àjà jáde.

Ẹ ra tẹmómítà kékeré kan, kí ẹ gbé e sí orí bẹ́ẹ̀dì, kí ó má kan ògiri. Ẹ kọ iye tó bá fi hàn láago 4, 9 àti 12 sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó sún ohunkóhun, kí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó tán. Ẹ máa gbé e síta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ láti fi wé, níbi tí ògiri gbígbóná ò sí nítòsí. Ìta yẹn ni òpin ohun tí ọ̀nà yìí lè ṣe: yàrá yín kò lè tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀ lọ. Bí inú bá fi ìwọ̀n 3 tàbí 4 ga ju ìta lọ láago 10, iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Bí ìyàtọ̀ náà ò bá ju ìwọ̀n 1 lọ, ẹ ti gba gbogbo ohun tó ṣeé gbà, fáànù ló kù.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Bí tẹmómítà bá ga ju 35 lọ, afẹ́fẹ́ ti gbóná tó awọ ara tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fáànù nìkan kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, pàápàá fún arúgbó, ọmọ ọwọ́ tàbí aláìsàn. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹ jáde síbi tó tutù, ẹ máa mu omi, kí ẹ sì da omi sára. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń dàrú, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná janjan tó sì ń dákú, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá.

Lálẹ́ òní, ẹ kó abọ́ omi jáde, kí ẹ sì so tíṣù mọ́ fèrèsé. Ìyẹn ò ná yín ní nǹkan kan. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ bá fi kọ iye tẹmómítà sílẹ̀, ẹ sún bẹ́ẹ̀dì àti wọ́dúróòbù, kí ẹ sì ta aṣọ sí ìta fèrèsé kó tó di agogo 1. Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta mìíràn kí ẹ tó lọ bá onílé nítorí ọ̀dà, kí ẹ sì mú ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ láti ara tẹmómítà dání lọ.